Ajọ̀ mẹ́ta lórí LinkedIn: ibi tó yẹ kí orúkọ iṣẹ́, ìmọ̀ọ́ṣe àti ìlú yín wà

Àwọn tó ń ṣe láfún nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé ajọ̀ kì í bi láfún léèrè oko tó ti wá. Èyí tó bá gba ojú ihò kọjá á bọ́ sínú igbá, èyí tí kò bá kọjá á jókòó sókè, ì báà jẹ́ inú ẹ̀gẹ́ kan náà ni wọ́n ti jọ wá. Bí ẹ̀rọ tí àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ fi ń wá èèyàn lórí LinkedIn ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Mo ti fi ọdún mélòó kan jókòó sídìí ẹ̀rọ yìí, tí mò ń bá àwọn iléeṣẹ́ wá èèyàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọṣẹ́ dáadáa ni kò dé ojú mi rí. Kì í ṣe pé mo rí wọn kí n tó kọ̀ wọ́n o. Ajọ̀ ló dá wọn dúró sókè, tí n kò mọ̀ pé wọ́n wà láyé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ àbúrò mi kan ṣàlàyé. Ó kàwé jáde ní LAUTECH, ó wá ń ṣe agùnbánirọ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un kì í ṣe ti gbígbálẹ̀ ọ́fíìsì. Òun ló ń kó àkọsílẹ̀ owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yá sínú Excel, òun ló ń fi SQL yẹ̀ ẹ́ wò kó lè mọ ẹni tó ti jẹ gbèsè kọjá àkókò, òun náà ló ń fi Power BI ya àwòrán ìròyìn fún àwọn alága lóṣooṣù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ti mú iná lọ, ó gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi lójúde. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Láti ìgbà tí mo ti ṣí i, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sí mi.” Ohun tí mo bá níbẹ̀ nìyí:

```
Headline:   Data Analyst | Excel | SQL | Power BI
Experience: Corps Member
Location:   Nigeria
Skills:     Teamwork, Hard Work, Computer Literacy, Leadership
```

Mo ní kó jókòó. Mo wá kọ ohun tí èmi fúnra mi máa ń tẹ̀ sínú LinkedIn Recruiter, ìyẹn ẹ̀yà LinkedIn tí iléeṣẹ́ ń sanwó fún láti fi wá èèyàn, bí wọ́n bá ní kí n wá irú rẹ̀:

```
Job titles: Data Analyst (Current)
Skills:     SQL, Microsoft Power BI
Locations:  Oyo State, Nigeria
```

Àpótí mẹ́ta, ajọ̀ mẹ́ta. Ọmọ yìí ń ṣe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló sì ń gbé, síbẹ̀ ó lè má gba ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá.

Kọ́kọ́ mọ ohun tí àpótí kọ̀ọ̀kan ń kà

Ibí ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yọ̀. Àpótí Job titles kì í ka Headline, ìyẹn ìlà tó wà nísàlẹ̀ orúkọ yín. Orúkọ iṣẹ́ tí ẹ kọ sí ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ Experience ló ń kà. Àpótí Skills ń wo àkójọ ìmọ̀ọ́ṣe yín, ó sì lè wo ọ̀rọ̀ ibòmíràn lójú ìwé yín, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn. Àpótí Locations ń wo ìlú tó wà lókè pírófáìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín, kì í ṣe ìlú tí ẹ kọ sí abẹ́ iṣẹ́ kan. Àpótí kẹrin kan wà tó ń jẹ́ Keywords. Òun ló ń ka gbogbo ojú ìwé, Headline àti About pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹni tó ti lo mẹ́ta àkọ́kọ́ lè má tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé Headline ni ojú ọmọ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rí, a sì lè kọ tó lẹ́tà 220 síbẹ̀, ni oníkálùkù bá kó gbogbo ohun tó mọ̀ dà síbẹ̀. Ojú èèyàn ń ka òkè, ajọ̀ ń ka ìsàlẹ̀. Àbúrò mi ti kọ “Data Analyst” lóòótọ́, àmọ́ ibi tí ajọ̀ kò dé ló kọ ọ́ sí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: orúkọ iṣẹ́

Ẹ ṣí Experience, ẹ tẹ àmì pẹ́ńsù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́, kí ẹ wo àpótí Title. “Corps Member” ni àbúrò mi kọ síbẹ̀. Òótọ́ ni, agùnbánirọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí iléeṣẹ́ tó ń tẹ “Corps Member” nígbà tó bá ń wá ẹni tó lè ka àkọsílẹ̀ owó. Bẹ́ẹ̀ náà ni “Officer II”, “Staff”, “Admin” àti “Team Lead” tí kò sọ ohun tó ń darí. Orúkọ ipò ni wọ́n, wọn kì í ṣe orúkọ iṣẹ́.

Mo ní kó pa á rẹ́, kó tẹ “Data An”, kó sì dúró. LinkedIn á to àwọn orúkọ kan sílẹ̀ níwájú yín bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ mú nínú wọn. LinkedIn ní àkójọ orúkọ iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń da oríṣiríṣi àkọlé pọ̀ sí, irú àkójọ yìí náà ló sì ń tò síwájú ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ nígbà tí òun náà bá ń tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá mú orúkọ tó ti wà níbẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì pàdé nìyẹn. Bí ẹ bá dá tiyín dá, bíi “Data Wizard”, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ láti máa méfò.

Àwọn mìíràn kì í mú nínú àkójọ. Wọ́n máa ń kọ ọ́ báyìí:

```
("data analyst" OR "reporting analyst") NOT intern
```

Ẹ wo àmì àyọlò yẹn dáadáa. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ara wọn, kò gbọdọ̀ sí nǹkan kan láàárín wọn. Ẹni tó kọ “Data & Reporting Analyst” ti bọ́ kúrò nínú “data analyst” nìyẹn, “reporting analyst” nìkan ló lè mú un. Ẹni tó kọ “Analyst, Data” ti bọ́ kúrò nínú méjèèjì. LinkedIn kò sì gba àmì ìràwọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé “ọ̀rọ̀ yòówù tó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí”, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pé “Data Analytics” á bá yín pe “Data Analyst”. Orúkọ kan ṣoṣo, tó mọ́ tónítóní, ni kó wà nínú àpótí náà. Àwọn tó ń kọ “Data Analyst/Accountant/ICT/Graphics” rò pé àwọn ń ju àwọ̀n púpọ̀ sódò. Ẹ̀rọ kì í mọ èyí tí yóò kà wọ́n mọ́, èmi tí mò ń wò ó náà á sì máa rò pé kò sí èyí tó mọ̀ dáadáa nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ tún wo “NOT intern” tó wà lẹ́yìn. Bí mo bá kọ èyí sínú Job titles tí mo sì ní iṣẹ́ ìsinsìnyí nìkan ni mo fẹ́, gbogbo ẹni tí “Intern” bá wà nínú iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ ti lọ. Nísàlẹ̀ Experience, àbúrò mi tún ní SIWES tó ṣe nígbà tó wà ní ọdún kẹrin ní yunifásítì. “IT Support Intern” ló kọ, kò sì fi ọjọ́ ìparí sí i. Lójú LinkedIn, ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà títí di òní. Ẹ lọ yẹ gbogbo iṣẹ́ àtijọ́ yín wò. Èyí tó bá ti parí tó ṣì ń kọ “Present”, ẹ yọ àmì tó wà níwájú ọ̀rọ̀ tó ní ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ẹ fi oṣù àti ọdún tó parí sí i.

Ó wá bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe irọ́ ni mò ń pa yẹn? Kò sí ‘Data Analyst’ nínú ìwé tí wọ́n fún mi.” Ìbéèrè tó dáa ni. Ìdáhùn mi ni pé ẹ lè fi orúkọ tí ayé mọ iṣẹ́ náà sí pè é, bí ẹ bá ń ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ipò kún un. Kò gbọdọ̀ kọ “Senior”, kò gbọdọ̀ kọ “Manager”. Bó bá jẹ́ ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama, “Mathematics Teacher” ni ì bá kọ, Power BI tó ń kọ́ lálẹ́ kò sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Nínú àlàyé tó wà lábẹ́ iṣẹ́ náà, mo ní kó kọ ọ́ gbangba pé lábẹ́ NYSC ni òun ti ń ṣe é. Mo tún ní kó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò pè sí láti béèrè.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìmọ̀ọ́ṣe

Èyí kò ní pẹ́. Teamwork, Hard Work, Leadership: ẹ sọ fún mi, ta ló ń fi “Hard Work” wá èèyàn? N kò tíì tẹ̀ ẹ́ rí. Ohun tí wọ́n ń tẹ̀ ni orúkọ irinṣẹ́ àti orúkọ ọ̀nà ìṣiṣẹ́. Ẹ wá ìpolówó iṣẹ́ bíi márùn-ún irú èyí tí ẹ fẹ́, ẹ kọ gbogbo orúkọ irinṣẹ́ tó wà nínú wọn sórí ìwé, kí ẹ wá fa ìlà sídìí èyí tí ẹ mọ̀ lóòótọ́. Ti àbúrò mi mú SQL, Excel, Power BI, ìfọ̀nùmọ́ àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Data Cleaning, àti Data Visualization wá.

Níbí náà, ẹ mú nínú àkójọ tí LinkedIn bá tò sílẹ̀. “Excel” tí gbogbo wa ń pè é, “Microsoft Excel” ló ń jẹ́ níbẹ̀. Power BI náà, “Microsoft Power BI” ni. Ẹ fi orúkọ gígùn yẹn sínú Skills, kí ẹ sì lo èyí kúkúrú nínú About àti nínú àlàyé iṣẹ́ yín, nítorí ẹni tó bá ń lo Keywords lè tẹ “Excel” lásán. Nígbà tí ẹ bá ń fi ìmọ̀ọ́ṣe kan kún un, LinkedIn á bi yín pé ibi iṣẹ́ wo lẹ ti lò ó. Ẹ tẹ àmì sí i. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí n rí “SQL” lásán, àti kí n rí i pé níbi iṣẹ́ tí ẹ wà lọ́wọ́ lẹ ti ń lò ó.

Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ kan náà nígbà ogún. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ajọ̀ ń dáhùn. Ẹni tó ní SQL lẹ́ẹ̀kan ti kọjá, bíi ẹni tó ní i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìlú

Èyí ló ń pa àwa tí a wà ní ìhín jù. Àbúrò mi fi “Nigeria” nìkan sílẹ̀. Bí mo bá ń wá ẹni tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, LinkedIn kò ní mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà. Ìpele ni ọ̀rọ̀ yìí: ìlú wà nínú ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ wà nínú orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá kọ ìlú rẹ̀ yóò jáde nígbà tí wọ́n bá wá ìlú náà, yóò jáde nígbà tí wọ́n bá wá ìpínlẹ̀ rẹ̀, yóò sì jáde nígbà tí wọ́n bá wá Nàìjíríà. Ẹni tó kọ Nàìjíríà nìkan, Nàìjíríà nìkan ni yóò ti jáde.

Ẹ tẹ àmì pẹ́ńsù tó wà lókè pírófáìlì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Location sí, ẹ mú orílẹ̀-èdè, lẹ́yìn náà ẹ tẹ ìlú yín díẹ̀díẹ̀ kí ẹ sì mú èyí tó bá jáde. Ògbómọ̀ṣọ́ ní wàhálà tirẹ̀: àwọn kan ń kọ ọ́ ní “Ogbomoso”, àwọn kan ń kọ ọ́ ní “Ogbomosho”. Èyí tí àkójọ bá gbé wá ni kí ẹ mú, ẹ má bá a jà. Ẹ má sì fi àmì ohùn sí i. Mo fẹ́ràn àmì ohùn o, ẹ sì rí i pé mò ń lò ó, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá yín kò ní tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ Aláàfin, ẹ wò ó dáadáa kó jẹ́ pé “Oyo State, Nigeria” ló wà lẹ́yìn “Oyo” tí ẹ mú. Ìlú kan wà ní Kóńgò Brazzaville tó ń jẹ́ Oyo.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Ìbàdàn àti Èkó. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìbàdàn jẹ́ bíi kìlómítà 100. Ẹni tó tẹ “Ibadan” kò ní rí ẹni tó kọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó tẹ “Oyo State” ló máa rí ẹ̀yin àti ará Ìbàdàn pọ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé kí ẹ kúkú kọ Lagos. Èmi kò fara mọ́ ọn. Tí mo bá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́la ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní Ìkẹjà, tí ẹ wá ní kí n fún yín lọ́jọ́ méjì, àṣírí ti tú.

Ọ̀nà tó tọ́ wà. Ní ojú pírófáìlì yín, ẹ tẹ “Open to”, kí ẹ mú èyí tó jẹ mọ́ wíwá iṣẹ́. Ó máa bi yín ní orúkọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́, ó gba márùn-ún, ó sì máa bi yín ní ìlú tí ẹ lè lọ ṣiṣẹ́. Àbúrò mi fi Ibadan àti Lagos síbẹ̀, ó sì mú “Remote” fún iṣẹ́ tí èèyàn lè jókòó sílé ṣe. Nínú Recruiter, ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ lè ní kí wọ́n fi àwọn tó ṣe tán láti kó wá kún àwọn tó ń gbé ìlú náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa rí i, láìjẹ́ pé ó purọ́ ibi tó ń gbé. Ẹ lè yàn pé kí gbogbo ayé rí i, tàbí kó jẹ́ àwọn tó ń lo Recruiter nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀gá tí ẹ kò fẹ́ kó mọ̀, ẹ mú ìkejì. LinkedIn máa ń gbìyànjú láti fi í pamọ́ fún àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ níléeṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n wọn kò ṣèlérí pé kò ní hàn.

Àwọn tí kò lówó Recruiter ńkọ́?

Wọ́n pọ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kéékèèké kì í san owó yẹn, Google ni wọ́n ń lò:

```
site:ng.linkedin.com/in "data analyst" "Power BI" "Ogbomoso"
```

Ibí ni Headline ti wá ní iṣẹ́ gidi, nítorí Google kò mọ àpótí. Ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé tí gbogbo ayé lè rí ni Google ń kà. Nítorí náà àbúrò mi fi Headline rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ó wá fi gbólóhùn kan kún About tó ní “Ogbomoso (Ogbomosho)” nínú, kí ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì lè bá a. Ẹ lọ wo “Public profile & URL” náà. Bí ẹ bá ti pa ojú ìwé yín mọ́ fún ará ìta, Google kò ní rí nǹkan kan kà.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ má wò ó lójú ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ẹ wá ọ̀rẹ́ kan tó wà lórí LinkedIn. Kó tẹ “data analyst” sókè níbi ìwákiri, kó mú People, kó ṣí “All filters”, kó fi ìlú yín sí Locations, kó sì kọ orúkọ iṣẹ́ náà sínú àpótí Title tó wà nísàlẹ̀. Bí ẹ kò bá jáde, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní àti ìkẹta. Bí ẹ bá jáde, ẹ má tíì yọ̀ jù: ìwákiri ọ̀fẹ́ yìí kò tó Recruiter, ó sì ní iye ìgbà tí wọ́n ń jẹ́ kéèyàn lò ó lóṣù. Ẹ fi ojú ara yín wo ohun tó wà nínú Experience.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa wo “Search appearances”. Ó ń fi iye ìgbà tí ẹ jáde nínú ìwákiri hàn, àti iléeṣẹ́ tí àwọn tó wá yín ti ń ṣiṣẹ́. Bí iye náà bá lọ sókè ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò kọ̀wé, ẹ fi ọ̀rọ̀ àwárí sílẹ̀. Ajọ̀ ti jẹ́ kí ẹ kọjá. Ohun tí wọ́n bá nígbà tí wọ́n ṣí ojú ìwé yín ni kò dá wọn dúró.

Àbúrò mi yóò parí ìsìnrú ìlú láìpẹ́. Lọ́jọ́ náà ni yóò ní láti fi ọjọ́ ìparí sí “Data Analyst” yẹn, tí kò bá sì tíì ríṣẹ́, gbogbo ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ ìsinsìnyí nìkan kò ní rí i mọ́. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fi iṣẹ́ àtijọ́ kún un yóò ṣì rí i, ẹni tó bá sì ń wo orúkọ iṣẹ́ tó wà nínú “Open to” yóò rí i. Mo ti sọ fún un pé kó má fi “Freelance” dí àyè náà àyàfi tó bá ní oníbàárà. Ó ní alága ẹgbẹ́ náà ti ń bi í bóyá ó lè máa bá àwọn ṣe ìròyìn oṣooṣù lọ lówó pọ́ọ́kú. Mo ní tí wọ́n bá ti san ti oṣù kìíní, kó kọ ọ́.